Ọjọ́ Tí Ó-Kù-Díẹ̀ Kọ̀ Láti Sọ Pé Ó Kù Díẹ̀

Gbogbo wa ní ilé ìwòsàn ojú ni a mọ̀ ọ́n sí Ó-Kù-Díẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi wá èyí. Bí o bá bi í pé báwo ni iṣẹ́, ó kù díẹ̀. Bí o bá bi í pé ṣé káàdì àwọn aláìsàn ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó kù díẹ̀. Nígbà tó lóyún ọmọ rẹ̀ kejì, tí ikùn rẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yọ, mo bi í pé ìgbà wo ló máa bí. Ó ní, "Àǹtí, ó kù díẹ̀."

Èmi ni nọ́ọ̀sì tó jókòó sí tábìlì tó kọjú sí tirẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ẹnu mi mú. Èmi kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ènìyàn bá jókòó ti Ó-Kù-Díẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ yóò mú bó bá tilẹ̀ kú tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò lè rí ènìyàn nínú ìdààmú kó má wá nǹkan dídùn sọ fún un, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í purọ́ láti rẹ́ni jẹ. Ó kàn fẹ́ kí ọkàn oníbéèrè balẹ̀ ni, àgàgà bó bá jẹ́ àgbà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà niṣẹ́ rẹ̀. Àwọn aláìsàn wa kì í sábà rí ìwé kà, ìdí tí wọ́n fi wá sọ́dọ̀ wa nìyẹn. Kéèyàn wá máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù, bí ẹni ń ṣẹ́jú séèyàn nínú òkùnkùn ni. Nítorí náà, ilé ìwòsàn bá iléeṣẹ́ kan ṣe àdéhùn, iléeṣẹ́ yẹn ní ẹ̀rọ kan tó ń pe fóònù ènìyàn, tó sì ń fi ohùn sọ ọ̀rọ̀ tí a bá kọ fún un. Ó-Kù-Díẹ̀ yóò kọ orúkọ aláìsàn, ọjọ́ àti aago tó máa wá sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò gbé e lé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yóò sì pe àwọn ènìyàn. Ohùn obìnrin ni ohùn ẹ̀rọ náà. Bàbá kan wá sọ́dọ̀ wa rí, wọ́n múra bí ọkọ ìyàwó, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọmọge tó máa ń pe àwọn.

Àmọ́ o, iléeṣẹ́ yẹn ní òfin méjì. Àkọ́kọ́, iye ènìyàn tí a lè gbé fún wọn láàárín ìṣẹ́jú kan ní ìwọ̀n. Bí a bá kọjá rẹ̀, wọ́n á dáhùn pé ẹ rọra, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá báyìí báyìí. Bí a bá dúró tó bí wọ́n ṣe wí, iṣẹ́ á máa lọ. Èkejì, iye tí a lè pè lójúmọ́ náà ní ìwọ̀n. Tí ìyẹn bá tán, ó tán nìyẹn. Bí o dúró, bí o bẹ̀bẹ̀, kò sí nǹkan tó máa ṣí títí aago méjìlá òru, tí ìwọ̀n ọjọ́ kejì máa bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Ó-Kù-Díẹ̀ kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́dọọdún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn dókítà àlejò máa ń wá bá wa ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn tí àrùn ojú funfun ti bo ojú wọn. Ẹni tí ọjọ́ yẹn bá fò, ó di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́dún náà, wọ́n yí aago padà, Ó-Kù-Díẹ̀ sì ní kí ẹ̀rọ pe gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ dúró lágbede méjì. Ẹ rọra ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù, ó tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró, ó tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí orúkọ wọn wà lókè gba ìpè títí wọ́n fi ń bínú. Ọkùnrin kan ní òun ti gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ṣé wọ́n rò pé etí ni òun wá fi hàn ní ilé ìwòsàn ni. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́ kankan, nítorí àwọn ará òkè ti jẹ ìwọ̀n ọjọ́ náà tán, òun sì rò pé ẹ rọra náà ni wọ́n ṣì ń wí. Mátíròọ̀nù, ọ̀gá gbogbo wa, kọjá lọ, wọ́n bi í pé, "Báwo nibẹ̀?"

Ó ní, "Ó kù díẹ̀, Mà."

Mátíròọ̀nù sì gbé báàgì wọn lọ sílé.

Nínú àwọn tí kò gbọ́ ni Màmá Aránṣọ wà. Arúgbó obìnrin tó ti rán aṣọ ní gbogbo ayé rẹ̀ ni. Yúnífọ́ọ̀mù tó wà nílé ìwòsàn yìí, ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti jáde kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú wọn. Wọ́n dé nígbà tí àwọn dókítà ti ń kó irinṣẹ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ wọn di ògiri mú, wọ́n ń bi ẹnikẹ́ni tó bá kọjá pé ṣé ibí náà nìyí. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì pẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ sunkún ní ilé ìkó-oògùn-sí.

Ó-Kù-Díẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n nílé, mo bá a lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé, ó ń sunkún. Màmá fọwọ́ kan ojú rẹ̀ láti mọ ibi tó wà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, dìde. Kò burú pé iṣẹ́ kò parí. Aṣọ tí kò parí, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé apá rẹ̀ ọ̀tún ti wọlé, ti òsì kò tíì wọlé, kó wá ní ọjọ́ báyìí. Òun ló máa mọ̀ bóyá aṣọ mìíràn lòun máa wọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ó kù díẹ̀, ìhòòhò ló máa fi dúró dè mí." Ó-Kù-Díẹ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Láti ọjọ́ náà ni kò ti tún ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn bí eré mọ́. Ó tún ìlànà kọ̀ǹpútà náà ṣe, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀rọ bá ti bá sọ̀rọ̀ tán, kọ̀ǹpútà á fàmì sí i lára, kò sì ní í pè é mọ́ bó ti wù kí wọ́n tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ tó. Àmọ́ orúkọ kì í tètè kúrò lára ènìyàn. Ó-Kù-Díẹ̀ la ṣì ń pè é.

Ọdún yí po, àkókò àwọn dókítà àlejò tún dé. Ọgọ́fà ènìyàn la kọ orúkọ wọn sílẹ̀, Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì la sì dá fún wọn. Bó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mátíròọ̀nù jáde láti yàrá wọn, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ òfuurufú àwọn àlejò ti yí padà. Àárọ̀ ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ máa bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ló sì máa parí. Gbogbo ọgọ́fà ló gbọ́dọ̀ gbọ́, kálukú pẹ̀lú aago tirẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́, á wá bá ilẹ̀kùn títì.

Mo wo Ó-Kù-Díẹ̀. Òun náà wò mí. A kò dárúkọ Màmá Aránṣọ, ṣùgbọ́n àwọn ni a jọ ń rò.

Ó jókòó. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí iléeṣẹ́ bá ní ẹ rọra, kọ̀ǹpútà á dúró, á sì tún máa lọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kọrin lábẹ́ imú. Iná íńtánẹ́ẹ̀tì wa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà. Lẹ́yìn náà orin dákẹ́.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ka ohun tí iléeṣẹ́ kọ, ó tún un kà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo rí i. Ó fà á padà bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

Ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe ẹ rọra ni wọ́n wí. Ìwọ̀n tòní ló tán."

"Báwo ló ṣe máa tán? Ọgọ́fà kò tó ìwọ̀n tí wọ́n fún wa."

Ó ti gbé fóònù sétí, ó ń pe àwọn apoògùn ní ilé ìkó-oògùn-sí. Àṣé láàárọ̀ ni àwọn yẹn ti fi ẹ̀rọ kan náà pe gbogbo àwọn oníbàárà wọn pé oògùn ojú tuntun ti dé. Ìkòkò kan ni gbogbo wa ń bù nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì pé òun ti bù. Mo fẹ́ lọ bá wọn jà. Ó di aṣọ mi mú, ó ní kí n jọ̀ọ́, ìjà kò lè pe ẹnì kankan lórí fóònù.

Ìgbà náà ni Mátíròọ̀nù dé. Báàgì ti wà ní èjìká wọn, nítorí wọ́n ń lọ pàdé àwọn àlejò. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bèèrè ohun tí wọ́n máa ń bèèrè.

"Báwo nibẹ̀?"

Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo rí ẹnu Ó-Kù-Díẹ̀ tó là, mo rí i tó tún pa dé. Ojú ń tì í. Mátíròọ̀nù kò dà bí ẹni tí wọ́n ń sọ nǹkan kíkorò fún.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ gbé báàgì yín kalẹ̀. Iṣẹ́ ti dúró."

Mátíròọ̀nù kò gbé e kalẹ̀. "Dúró báwo?"

"Ìwọ̀n tí a lè pè lónìí ti tán, kò sì ní í ṣí títí aago méjìlá òru. Mo ti dá a dúró, kò sì ní í dá tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wa. Àwọn méjìdínláàádọ́rin ti gbọ́. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n gbọ́ ọ dé ìparí. Ìyẹn dá mi lójú. Mẹ́tàlélógójì kò tíì gbọ́, àwọn tí fóònù wọn dún tí wọn kò gbé e wà lára wọn. Ìyẹn náà dá mi lójú."

Mátíròọ̀nù ń ṣe ìṣirò lẹ́nu. "Ìyẹn kò pé ọgọ́fà."

"Rárá, Mà. Ó ku mẹ́sàn-án. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn, n kò mọ̀. Ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ́jú ni mo ń gbé orúkọ wọn lọ, èsì kò sì padà wá. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ti pè wọ́n. Ó lè jẹ́ pé kò pè wọ́n. N kò lè kà wọ́n mọ́ àwọn tó gbọ́."

Èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀ mọ ohun tí "n kò mọ̀" yẹn ná an.

Mátíròọ̀nù ní, "Ṣé wọn ò lè fi kún ìwọ̀n wa ni?"

"Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọn ò tíì dáhùn, ẹ má gbára lé e. Bí a bá sì dúró di òru kí ẹ̀rọ tó pè wọ́n, àwọn tó ní aago àárọ̀ kùtù máa ti sùn. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ ni ènìyàn tó ní fóònù. Mo ti to àwọn tó kù, àwọn tí aago wọn yá jù ló wà lókè. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n náà. Ẹni tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, inú á kàn bí i díẹ̀ ni."

Mátíròọ̀nù gbé báàgì sórí àga. Wọ́n ní, "Láti ọdún tí mo ti ń bi yín ní báwo nibẹ̀, òní ni ẹnì kan kọ́kọ́ dá mi lóhùn." Wọ́n yíjú sí mi. "Nọ́ọ̀sì, pe gbogbo ènìyàn wá. Gbogbo ènìyàn ni mo wí."

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn agbálẹ̀ wá, awakọ̀ wá, aṣọ́nà fi géètì sílẹ̀ wá, àwọn ará ilé ìkó-oògùn-sí náà wá, wọ́n ń yọjú bí ẹni tó jẹ ẹran nínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Kálukú gba orúkọ tirẹ̀, gbọ̀ngàn ìdúró àwọn aláìsàn sì kún fún ariwo. Aṣọ́nà wa ti ṣe ológun rí. Ó ń sọ fún ìyá arúgbó kan pé, "Ẹ gbọ́dọ̀ wà níbí ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó pé," bí ẹni ń fi wọ́n ránṣẹ́ sójú ogun. Agbálẹ̀ kan bá ẹni tó pè tan, ó ní bàbá náà fẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá òun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ilé kí ọ̀nà títí Mátíròọ̀nù fi fọwọ́ kàn án léjìká. Mátíròọ̀nù fúnra wọn ń pe àwọn ènìyàn. Ẹnì kan tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn mẹ́sàn-án ní òun ti gbọ́ lẹ́nu ọmọge ẹ̀rọ, ohùn tirẹ̀ sì tutù ju ti Mátíròọ̀nù lọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa, Mátíròọ̀nù pàápàá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti pe tán, á sọ fún Ó-Kù-Díẹ̀, òun á sì fàmì sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní "ó kù díẹ̀," Ó-Kù-Díẹ̀ á gbójú sókè, á ní, "Ta ló kù?" Ẹ̀rín á tún bú, nítorí orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n ń fi dá a lóhùn.

Nígbà tó yá, ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Èmi ni orúkọ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Fóònù rẹ̀ ń sọ fún mi pé wọ́n ti pa á. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án tí a kò mọ̀, Màmá Aránṣọ sì ni.

Ó-Kù-Díẹ̀ dìde, ó mú gèlè rẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí awakọ̀ gbé wa dé ojúlé wọn. Màmá jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́ tí wọn kò lè ki òwú bọ̀ mọ́. Mo bèèrè pé ṣé ẹ̀rọ kankan pè wọ́n lónìí. Wọ́n ní fóònù àwọn ti kú láti àárọ̀, iná kò sí, kò sì sí ẹni tó pè.

Ó-Kù-Díẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé ó ti kà wọ́n mọ́ àwọn tó gbọ́ ni, ilẹ̀kùn títì ni wọn ì bá tún wá bá, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Màmá, ọ̀la ni, kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́sàn-án. Awakọ̀ yìí ló máa wá gbé yín." Inú mi dùn débi pé mo bú awakọ̀ láìnídìí.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, èmi ni mo ṣí bándéèjì. Ó-Kù-Díẹ̀ ní òun wá mú káàdì, ṣùgbọ́n kò sí káàdì kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí Màmá wo pátákó tó wà lára ògiri, èyí tí a ya àmì olọ́wọ́ mẹ́ta sí láti ńlá dé kékeré, kí wọ́n máa fọwọ́ júwe ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kọjú sí. Wọ́n ń ṣẹ́jú. Mo bi wọ́n bí mo ṣe máa ń bi gbogbo ènìyàn.

"Màmá, báwo nibẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ìlà mẹ́rin òkè, mo rí wọn, ó dá mi lójú. Ìkarùn-ún, ó jọ pé òsì ló kọjú sí, ṣùgbọ́n má kà á mọ́ wọn, n kò mọ̀. Àwọn ìsàlẹ̀, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà wo ni kí n padà wá?"

Ó-Kù-Díẹ̀ yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ojú á ti mọ́ sí i. Màmá kò gbọ́ mi mọ́. Wọ́n ti sún mọ́ mi, wọ́n di àyà yúnífọ́ọ̀mù mi mú, wọ́n tẹjú mọ́ bọ́tìnì kejì.

Wọ́n ní, "Ta ló fi òwú aláwọ̀ búlúù rán bọ́tìnì sára aṣọ funfun?"

Èmi ni. Mo ti ń wí láti ọdún tó kọjá pé ó kù díẹ̀ kí n tún un rán.